Bí a ṣe lè ṣàlàyé "Ẹyin lọ̀rọ̀" àti "Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀" fún ọmọ Rọ́ṣíà

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Yunifásítì ni mo wà ní Mọ́síkò. Olùkọ́ wa ní kí oníkálukú mú òwe ilé rẹ̀ wá, kí ó fi èdè Rọ́ṣíà ṣàlàyé rẹ̀. Mo mú 'Ẹyin lọ̀rọ̀' àti 'Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀', àmọ́ nígbà tí mo dán wọn wò létí àwọn ọmọ kíláàsì mi, ẹ̀rín ni wọ́n fi àkọ́kọ́ rín, èkejì ò sì yé wọn rárá. Kí ni kí n ṣe?"

Mo fura sí ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ó ṣeé ṣe kó o ti pe ẹyin ní "yáítsà". Ẹyin púpọ̀ ni ìyẹn, òun kan náà ni wọ́n sì fi ń pe kórópọ̀n ọkùnrin nínú ọ̀rọ̀ ìgboro. Ìwọ ń sọ ọgbọ́n àgbà, etí tiwọn wà níbòmíràn. Àtúnṣe rẹ̀ ò le. Yorùbá kì í sọ bóyá ẹyin kan ni tàbí mẹ́wàá, nítorí náà mú ẹyọ kan ṣoṣo, "yaitsó", kí o sì fi kún un pé ti adìẹ ni. Bí èmi yóò ṣe sọ ọ́ rèé (lẹ́tà tiwa ni mo fi ń kọ ọ́, kí àwọn tí kò mọ lẹ́tà wọn lè bá wa lọ): "Silófò, kaki kurínoye yaitsó: upadyót, rasobyótsà." Ọ̀rọ̀ dà bí ẹyin adìẹ: bó bá já bọ́, ó fọ́.

Kíyè sí ìparí yẹn. Ọ̀rọ̀ ìṣe méjì ló tẹ̀ lé ara wọn gbọnrangandan, kò sí "bí", kò sí "bá". Báyìí ni ọ̀pọ̀ òwe tiwọn náà ṣe ń rìn. Bí o bá lọ fi "yésilì", tíí ṣe "bí" tiwọn, bẹ̀rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ á pé, àmọ́ yóò dún bí ìwé òfin, kò sì sẹ́ni tí yóò gbọ́ ọ bí òwe.

Bí o bá ti sọ ọ́ tán, ẹnì kan yóò sáré dáhùn pé àwọn náà ní in: "Silófò nye forobyéì: fílẹtìt, nye poimáyeṣì." Ọ̀rọ̀ kì í ṣe ológoṣẹ́, bó bá fò jáde, o ò ní rí i mú mọ́. Inú rẹ á dùn, olùkọ́ á rẹ́rìn-ín músẹ́, gbogbo yín á sì fẹ́ kọjá sí òwe mìíràn. Má gbà. Ibi tí iṣẹ́ rẹ ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn, nítorí òwe méjèèjì sún mọ́ra, wọn ò dọ́gba.

Nínú tiwọn, ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni tó sọ̀rọ̀ ló bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹyẹ náà ò fara pa, ó ti lọ tirẹ̀. Nínú tiwa, nǹkan ló bàjẹ́ sílẹ̀, tí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ sì ń wò ó. Sọ ìgbà tí a máa ń pa á fún wọn: tọkọtaya ń jà, ọ̀rọ̀ ti gbóná, ìyàwó fẹ́ mẹ́nu ba ìyá ọkọ rẹ̀. Àgbà tó ń parí ìjà gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Ìyàwó wa, ẹyin lọ̀rọ̀ o." Kò parí òwe náà. Kò sídìí fún un, gbogbo ilé ló mọ ìyókù. (Àwọn náà máa ń dá tiwọn dúró sí ìdajì, "silófò nye forobyéì", ó sì tó, ibi tí ìwà òwe ti jọra nìyẹn.) Bí ìyàwó bá sọ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n lè kúnlẹ̀, kí ẹbí wá bẹ̀bẹ̀, kí ọkọ ní òun ti gbà. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tí yóò sọ pé ẹyin náà ti padà di odidi.

Ohun kan ṣì wà tí ọmọ Rọ́ṣíà tó ń se ẹyin jẹ láràárọ̀ kò ní mọ̀. Láyé àtijọ́, abẹ́ adìẹ ni ọ̀pọ̀ ilé máa ń fi ẹyin sí kó lè pa. Ọ̀pọ̀ òbí kì í sì í fún ọmọdé ní ẹyin jẹ, wọ́n ní bó bá mọ adùn rẹ̀, yóò di olè. Ẹyin tó fọ́, adìẹ tí a ò ní rí mọ́ ni.

Òwe kejì ló ṣòro jù, àti pé ẹṣin ló dá wàhálà sílẹ̀. Bí o bá pè é ní "lóṣadì", wọ́n á rí ẹran tó ń fa kẹ̀kẹ́ tàbí tó ń tú ilẹ̀ oko. Wọ́n ní orúkọ mìíràn, "kóǹ", èyí tí jagunjagun inú ìtàn àtijọ́ wọn ń gùn, irú bí Ilyà Múrómẹ́tsì. Òun ni kí o mú. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹṣin kì í ṣiṣẹ́ oko. Eṣinṣin tó ń fa àrùn oorun kì í jẹ́ kó pẹ́ láyé nínú igbó, nítorí náà apá òkè ọ̀hún, lọ́dọ̀ Tápà àti Haúsá, ni Ọ̀yọ́ ti ń rà á, ó sì wọ́n. Ọba, ìjòyè àti ológun ló ń gùn ún. Bí àgbà bá pe òwe ní ẹṣin, ó ti sọ nǹkan méjì pọ̀: pé ó yára dé ibi tí ẹsẹ̀ ò lè dé, pé ẹni iyì ló sì ń gùn ún.

Ọ̀rọ̀ ibí yìí kì í ṣe "silófò" mọ́. Ọ̀rọ̀ tí à ń bá ara wa sọ, ìyẹn àsọyé, ni òwe náà ń sọ, èyí tí wọ́n ń pè ní "ryẹ́ṣì". Ṣọ́ra fún "la fi ń wá a" náà. Bí o bá fi "àwa" tiwọn, "mi", túmọ̀ "a" yẹn, wọ́n á rò pé Yorùbá nìkan ló ń wá a. Mú ọ̀rọ̀ ìṣe tó ń tọ́ka sí àwọn ènìyàn lápapọ̀, láìfi "àwa" tàbí "wọn" síwájú rẹ̀: "íṣùt". Gbogbo rẹ̀ á wá jẹ́: "Posilófítsà, kóǹ ryẹ́ṣì: poteryáyetsà ryẹ́ṣì, na nyóm yeyó i íṣùt." Bí àsọyé bá sọnù, orí ẹṣin yìí ni a ti ń wá a. Mo fẹ́ràn "na nyóm", "lórí rẹ̀", ju "pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ òwe" tí ìwé atúmọ̀ èdè á gbé fún ọ, nítorí ó jẹ́ kí ẹni tó ń gbọ́ rí ẹni tó gun ẹṣin.

Kí o tó jókòó, fi ìwà tó yí òwe ká hàn wọ́n. Àwọn lè pa òwe fún ẹnikẹ́ni láìtọrọ gáfárà. Ọmọ Yorùbá tó wà láàárín àgbà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní, "Tótó, ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà," kí àgbà sì dáhùn pé, "Wàá rí òmíràn pa." Ìyẹn ò ní ṣòro fún wọn láti lóye, nítorí àwọn náà kì í pe olùkọ́ ní orúkọ rẹ̀ lásán, wọ́n á so orúkọ bàbá rẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á sì fi "fi", "ẹ" tiwọn, bá a sọ̀rọ̀. Kọ́ olùkọ́ rẹ ní ìdáhùn náà ní Yorùbá kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Bí o bá ní "Tótó", kó dá ọ lóhùn, kí o tó wá ṣàlàyé ìdí tó fi jẹ́ òun ni o dojú kọ, tí kì í ṣe àwọn ẹgbẹ́ rẹ.