Ìkùukùu kò dí ìtànṣán tó ń jó awọ

“Ojú ọjọ́ ṣú ní Sátidé, síbẹ̀ awọ ọmọ mi tó jẹ́ àfín pọ́n, ó sì ń ta á. Kí ló fà á? Kí ni nọ́ńbà UV tí fóònù ń gbé jáde?”

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, màmá. Ooru oòrùn yàtọ̀ sí ìtànṣán UV tó ń jó awọ. Ìkùukùu ń dín ooru kù, ara á tutù, ẹ ò ní fura. Ṣùgbọ́n bí ìkùukùu bá fẹ́lẹ́, ìtànṣán UV tó ń là á kọjá lè tó ìdá 80 nínú 100. Èyí tó dúdú kirikiri, tí òjò fẹ́ rọ̀, ló ń dí púpọ̀.

UV Index ni nọ́ńbà tí fóònù ń gbé jáde, ó ń sọ bí ìtànṣán náà ṣe le tó. Láti 3 ló ti yẹ ká dáàbò bo awọ. 8 sókè le gan-an. Ká ní ó jẹ́ 12 nígbà tójú ọ̀run mọ́, bí ìkùukùu fẹ́lẹ́ bá jẹ́ kí ìdá 80 nínú 100 kọjá, ó ṣì ku bí 9 sí 10.

Nọ́ńbà kan ṣoṣo tí wọ́n ń kọ fún odindi ọjọ́ sábà máa ń jẹ́ ti ọ̀sán gangan, nítorí náà ẹ wo ti wákàtí tọ́mọ máa jáde. Fún àfín, bó bá ti tó 3, ẹ wọ̀ ọ́ láṣọ alápá gígùn àti fìlà etí gbòòrò, kẹ́ ẹ sì fi ìpara adáàbò bo awọ lọ́wọ́ oòrùn tí wọ́n kọ SPF 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí lára pa ojú, etí àti ọrùn rẹ̀.