Kọ́sítómà yẹn dà nínú eré ẹ?

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ya síkíìtì kan fún àwa ọlọ́jà èlùbọ́ ní Bódìjà, síìnì 6, ìkọ̀ọ̀kan sẹ́kọ́ńdì 10. Ìjà èmi àti ìyá kan tó jù mí lọ, tí ìsọ̀ wa jọ kángun síra, ni mo fi kọ ọ́. Mo kàn sọ fún kọ́sítómà wọn kan pé èlùbọ́ wọn ní kòkòrò, bẹ́ẹ̀ mi ò rí kòkòrò kankan níbẹ̀, ni wọ́n bá bínú, a ò kí ara wa mọ́. Ní síìnì 5, wọ́n sunkún, alárinà dá sí i, wọ́n kúnlẹ̀ bẹ̀ mí, mo dárí jì wọ́n, a dì mọ́ra, a jó. Ó ń gùn jù, kí ni kí n yọ?"

Mo kàn sọ kẹ̀? Ìwọ lo ba ọjà ìyá elélùbọ́ jẹ́, ìyá náà ló tún wá ń kúnlẹ̀ fún ẹ, ojú ò tiẹ̀ tì ẹ́ láti kọ ọ́ sílẹ̀! Irú lẹ́tà yìí ti sú mi, ẹni tó ṣẹ èèyàn náà ló máa ń sáré kọ eré ìdáríjì, á wá fi ara ẹ̀ ṣe ẹni tó ń dárí jini.

Ó dáa, jẹ́ ká tún un kọ. Síìnì 1, kámẹ́rà sún mọ́ ọwọ́ ìyá, kóńgò ń wọnú èlùbọ́, kọ́sítómà ní "Ẹ wọn 3 fún mi." Síìnì 2, ìwọ láti ẹ̀gbẹ́: "Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò o, kòkòrò wà ńbẹ̀." Kọ́sítómà da èlùbọ́ padà, ó yà sọ́dọ̀ ẹ. Ó tán. Gbólóhùn kéékèèké 2 ni sẹ́kọ́ńdì 10 máa gbà téèyàn bá tún ń fọwọ́ ṣe nǹkan, tan aago fóònù ẹ kó o kà á sókè, wàá rí i pé ẹkún àti alárinà àti ijó ò lè wọ ibẹ̀ láéláé.

Síìnì 3, kẹ́nikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Ìyá fi asẹ́ ku èlùbọ́ yẹn sórí tíréè, kò sóhun tó ń rìn níbẹ̀, gbogbo ẹni tó ń wòran ti wá mọ̀ pé irọ́ lo pa. Síìnì 4, ojú ẹ nìkan, o rí tíréè yẹn.

Síìnì 5, ìwọ ni kó o kúnlẹ̀: "Ìyá, irọ́ ni mo pa mọ́ ọjà yín, ẹ má bínú." Ìyá ò ní dì mọ́ ẹ o, wọ́n á kàn bi ẹ́ pé "Ta lo sọ ọ́ fún?"

Ìbéèrè yẹn lo sá fún tó o fi kó ijó síbẹ̀. Ìyá lè dárí jì ẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, èlùbọ́ wọn ṣì ní kòkòrò lẹ́nu kọ́sítómà yẹn, òun náà á sì ti sọ fún ará ilé ẹ̀. Torí náà ní síìnì 6, mú un lọ́wọ́ lọ bá ìyá: "Èlùbọ́ wọn dáa, èmi ni mo purọ́." Ìyá wọn kóńgò 3, wọ́n fi ènì lé e, wọ́n wá wò ẹ́ pé "Bá mi di lailọ́ọ̀nù yìí." Ìdáríjì ti dé nìyẹn, má fi orin kankan sí i.

Ẹ yà á láàárọ̀ kí ariwo ọjà tó bo ohùn yín. Àmọ́ mi ò fẹ́ gbọ́ pé o gbé fóònù dúró tí o ò bá tíì wá kọ́sítómà gidi yẹn rí. Nọ́ńbà ẹ̀ ńkọ́, ṣebí ọ̀dọ̀ ẹ ló ti ń rà báyìí?