Fídíò 104, mi ò mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú wọn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ṣánẹ́ẹ̀lì mi lórí YouTube, intafíù àwọn ará Ìbàdàn ni mò ń ṣe níbẹ̀: ọlọ́jà, onímọ́tò, àwọn àgbà inú agboolé, fídíò ti pé 104. Àwọn kan ń rìn, àwọn kan ò rìn rárá, mi ò rí ìdí ẹ̀. Ẹnì kan ní kí n fi táàgì sí gbogbo wọn, mo sì ti kún àpótí Tags bámúbámú, nǹkan kan ò yí padà. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, àpótí Tags yẹn kọ́ ni ẹni yẹn ń sọ. YouTube fúnra wọn sọ ọ́ pé ipa kékeré ni Tags ń kó nínú báwọn èèyàn ṣe ń rí fídíò, àfi tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn sábà máa ń ṣì kọ. Táàgì tí wọ́n ní kó o ṣe yìí, ìwọ nìkan ni wàá máa rí i, inú Google Sheets ló máa wà, kí fídíò kọ̀ọ̀kan ní ìlà tiẹ̀, kó o wá kọ síwájú ẹ̀ pé irú fídíò wo ni, ta ni àlejò, kí ni wọ́n sọ̀rọ̀ lé lórí, báwo ló ṣe gùn tó.

Jókòó ti kọ̀ǹpútà, ṣí YouTube Studio, wọ Analytics, tẹ Advanced mode, wàá rí àmì ọfà tó kọjú sílẹ̀ lápá òkè, òun lo fi máa gbé gbogbo ẹ̀ lọ sí Google Sheets. Àkọlé, ọjọ́ tó jáde, Duration àti Views á ti wà níbẹ̀. Fi kọ́lọ́ọ̀mù tìẹ kún un: fọ́máàtì, orúkọ àlejò, irú àlejò, kókó, gígùn. Kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sínú wọn, jọ̀ọ́, kọ́kọ́ fi Hide column bo Views mọ́lẹ̀. Tójú ẹ bá wà lára fídíò tó rìn, ọwọ́ ẹ á máa ṣègbè fún un láìmọ̀, wàá máa wá kókó tó dáa jù fún un.

Orúkọ àlejò àti irú àlejò, mo yà wọ́n sọ́tọ̀ nítorí pé tó o bá ní àlejò 60 tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wá lẹ́ẹ̀kan, agbo 60 lo ní yẹn tí ẹyọ kan péré wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí nǹkan tó o lè fi í wé. Ṣùgbọ́n tó o bá kọ ọ́ pé ọlọ́jà, oníṣẹ́ ọwọ́, àgbà agboolé, òṣèré, tàbí "kò sí", ìyá tó ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà àti èyí tó ń ta aṣọ ní Gbági á bọ́ sínú agbo kan náà. Kókó náà, má jẹ́ kó ju mẹ́jọ lọ, kí fídíò kan sì ní ẹyọ kan. Tọ́rọ̀ bá pọ̀ nínú fídíò kan, wo àkọlé ẹ̀ àti àwòrán iwájú ẹ̀, ohun tí ìyẹn ṣèlérí fún ẹni tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ni kókó, kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ wá bá dé ní ìṣẹ́jú ogún.

Nǹkan tó máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù fún àwa tá à ń kọ Yorùbá ni ìkọ̀wé. O kọ "ọjà" lónìí, lọ́la o kọ "oja", lọ́túnla o kọ "Ọja", mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà máa kà á sí. Ó tún burú jù báyẹn lọ: lẹ́tà ọ yìí, kíbọ́ọ̀dù kan á tẹ̀ ẹ́ bí ẹyọ kan, òmíràn á tẹ o kó tó lẹ àmì mọ́ ọn nísàlẹ̀, lójú wa ọ̀kan náà ni, lójú ẹ̀rọ, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Tó o bá rí "ọjà" lẹ́ẹ̀mejì nínú èsì ẹ tí gbogbo àmì sì pé, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Má fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ rárá, lo Dropdown tó wà lábẹ́ Insert, kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó o máa mú u látibẹ̀.

Gígùn ní tiẹ̀, jẹ́ kí Sheets ṣe é fún ẹ. Séńkọ́ńdì ni Duration máa ń jẹ́, tó bá wà ní kọ́lọ́ọ̀mù D, kọ èyí:

```
=IF(D2<600,"kúkúrú",IF(D2<1800,"àárín","gígùn"))
```

Kó Shorts kúrò pátápátá, fi wọ́n sí ojú ewé tiwọn. Láti ọjọ́ 31 oṣù kẹta 2025 ni YouTube ti ń ka fíù Shorts ní gbogbo ìgbà tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, kódà kéèyàn fi ìka tì í kọjá lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe ẹgbẹ́ fíù fídíò gígùn.

Bákan náà, fídíò tó ti pé ọdún méjì ti kó fíù jọ ju ti oṣù tó kọjá lọ, ọjọ́ orí lò ń wò yẹn, kì í ṣe iṣẹ́. Wọ Analytics fídíò kọ̀ọ̀kan, mú Custom, yan láti ọjọ́ tó jáde títí tó fi pé ọjọ́ 28 lórí ṣánẹ́ẹ̀lì, kọ fíù tó bá wà níbẹ̀ sínú kọ́lọ́ọ̀mù tuntun, òun la máa lò. Ó máa gbà ẹ́ lákòókò o, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo máa ṣe ti àtijọ́.

Ó wá kù Insert, Pivot table, òun ló máa kó àwọn fídíò jọ sí agbo-agbo fún ẹ. Fi irú àlejò sí Rows, fíù ọjọ́ 28 sí Values. Sheets á fún ẹ ní SUM, yí i sí MEDIAN. Jẹ́ n fi bó ṣe ń tanni jẹ hàn ẹ́. Ká ní fídíò méje tí òṣèré wà nínú ẹ̀ ní fíù 900, 1,100, 1,200, 1,300, 1,400, 1,500 àti 31,000. AVERAGE á sọ pé ó lé ní 5,400, wàá sì máa sáré káàkiri tọ àwọn òṣèré lọ. Ṣùgbọ́n MEDIAN, ìyẹn èyí tó bọ́ sí àárín gan-an tó o bá tò wọ́n, 1,300 ni. Káwọn méje ti àgbà agboolé wá bẹ̀rẹ̀ láti 1,700 dé 2,300, tí àárín wọn jẹ́ 2,000, ta ló ń bá ẹ mówó wálé lóṣooṣù? Ẹyọ fídíò òṣèré kan ló fò, mẹ́fà yòókù ò dé ibi tí èyí tó kéré jù nínú ti àgbà dé.

Tún fi àkọlé sí Values, yàn án sí COUNTA, kó o rí iye fídíò tó wà nínú agbo kọ̀ọ̀kan. Èmi ò kì í bá agbo tí fídíò inú ẹ̀ ò tó márùn-ún sọ̀rọ̀. Má sì fi Average percentage viewed, ìyẹn ìwọ̀n táwọn èèyàn wò nínú fídíò, wé fídíò kúkúrú àti gígùn o: 50% fídíò ìṣẹ́jú 8, ìṣẹ́jú 4 ni, 25% ti ìṣẹ́jú 40, ìṣẹ́jú 10 ni.

Tó o bá wá rí i pé àgbà agboolé ló ń rìn, fi gígùn sí Columns kó o tó pariwo. Ó ṣeé ṣe kí gbogbo fídíò àwọn àgbà jẹ́ gígùn, torí wọn kì í yára sọ̀rọ̀, kí ti òṣèré sì jẹ́ kúkúrú gbogbo ẹ̀, o ò wá ní lè sọ bóyá àgbà làwọn èèyàn fẹ́ ni àbí ìtàn tó gùn. Pivot table ò lè yanjú ìyẹn, fídíò tuntun ló máa yanjú ẹ̀: ṣe àgbà mẹ́ta ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ-mẹ́jọ, ṣe òṣèré mẹ́ta ní ìṣẹ́jú ogójì, táàgì wọn kí wọ́n tó jáde, kó o padà wá ka fíù wọn ní ọjọ́ 28.