Àlùmọ́gàjí tó tẹ̀ kọdọrọ, tó ní eyín lójú kan

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí nǹkan kan rà láàrin ẹrù tòkunbọ̀ ní ọjà Wúsè. Ó jọ àlùmọ́gàjí, àmọ́ ojú rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ, ọ̀kan ní eyín wẹ́wẹ́, ó sì jẹ wọnú díẹ̀ lẹ́bàá oríkèé. Sípírínì wà láàrin ọwọ́ rẹ̀, ìkọ́ sì wà ní ìdí. Ẹni tó tà á ní òdòdó ni wọ́n fi ń gé. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o, adìyẹ ni wọ́n fi ń kun.

Mo mọ ohun tó tan ọlọ́jà yẹn jẹ. Sípírínì àti ìkọ́ wà lára ti òdòdó náà, torí náà wọn ò lè fi ìyàtọ̀ hàn. Ojú irin ni kí ẹ wò. Ti òdòdó máa ń kúrú, ojú kan ṣoṣo ló sì mú níbẹ̀. Èkejì á nípọn, á kú, torí kò ní iṣẹ́ ju kó di ẹ̀ka mú. Tiyín gùn lójú méjèèjì. Awọ adìyẹ máa ń yọ̀, eyín yẹn ni kì í jẹ́ kó sá kúrò lẹ́nu irin. Ibi tó jẹ wọnú lẹ́bàá oríkèé ló wá parí ọ̀rọ̀: ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé eegun sí. Agbára ọwọ́ pọ̀ jù lọ níbẹ̀, eegun ò sì ní lè yọ́ síwájú.

Ẹ fi awó tàbí adìyẹ dán an wò. Ẹ dà á dojú bolẹ̀ lórí pákó, kí ẹ̀yìn rẹ̀ wà lókè. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí, ẹ máa gé e lọ sí ọrùn, lẹ́bàá eegun ẹ̀yìn, kì í ṣe lórí rẹ̀ gan-an. Ẹ ṣe ẹ̀gbẹ́ kejì bẹ́ẹ̀, eegun ẹ̀yìn á yọ lódindi. Itan ní tirẹ̀, oríkèé ni kí ẹ ti gé e. Tí ẹ bá gé e láàrin, èérún eegun ni ẹ máa bá nínú ọbẹ̀.

Ẹ má fi gé adìyẹ fírísà tó ṣì gan. Ojú méjèèjì á ya kúrò lára wọn, awọ á wá máa ká sáàrin. Kí ẹ tó lò ó, ẹ fi gé ọ̀rá náílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Tó bá ká a dípò kó gé e, ẹ fún nọ́ọ̀tì oríkèé díẹ̀díẹ̀ títí kò fi ní mì mọ́, àmọ́ kó ṣì máa ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́. Tó bá jẹ́ pé ṣe ni wọ́n kàn án pa, tí kò ní nọ́ọ̀tì, kò sí nǹkan tí ẹ lè fún níbẹ̀.

Oríkèé yìí náà ni ẹran máa ń há sí, tá á sì máa rùn. Àwọn kan máa ń tú sí méjì tí ẹ bá ya ọwọ́ wọn gbalaja. Tí tiyín bá kọ̀, ẹ má fi tipá ṣe é. Ẹ fi búrọ́ṣì, ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ ibẹ̀, kí ẹ nù ún gbẹ, pàápàá sípírínì, torí òun ló máa ń kọ́kọ́ dógùn-ún.