Ohun tí ECO, SPORT àti SNOW ń yí padà nínú iná àti gíà ọkọ̀ yín

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Jíìpù tòkunbọ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní bọ́tìnì ECO, SPORT àti SNOW lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà. Mẹkáníìkì mi ní kí n má fọwọ́ kan ìkankan, ọ̀rẹ́ mi ní ECO ló ń jẹ́ kí epo pẹ́, ṣùgbọ́n tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí ọkọ̀ á kàn wúwo, éèsì náà ò ní tutù dáadáa mọ́. Kí ni wọ́n ń ṣe gan-an? SNOW ńkọ́, ṣé ó wúlò n'Íbàdàn ńbí?

Ìdáhùn: Àǹtí mi, abẹ́ ẹsẹ̀ yín lọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ọkọ̀ àtijọ́, wáyà onírin ló so pẹ́dà iná mọ́ tírọ́tù, ìyẹn ilẹ̀kùn kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, bẹ́ẹ bá ṣe tẹ̀ ẹ́ tó náà ló máa ṣí tó. Tiyín yìí ò ní wáyà yẹn. Sẹ́ńsọ̀ ló wà lára pẹ́dà, òun ló ń sọ ibi tí ẹsẹ̀ yín dé fún bíréènì bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀mpútà ọkọ̀, bíréènì bọ́ọ̀sì á wá pinnu bí tírọ́tù ṣe máa ṣí tó, mọ́tò kékeré kan á sì ṣí i. Ẹsẹ̀ yín ń bèèrè ni, bíréènì bọ́ọ̀sì ló ń pín in. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tá à ń lò, àwọn bọ́tìnì yẹn ò fi agbára kankan kún ẹ́ńjìnnì, ohun tí wọ́n ń yí padà ni bó ṣe ń pín in àti ìgbà tí gíà máa wọ èyí tó kàn. Àwọn tó lo Camry 1992 sí 1996 á rántí bọ́tìnì ECT PWR, wáyà ló ṣì ń fa tírọ́tù nígbà yẹn, torí ẹ̀ gíà nìkan ni bọ́tìnì yẹn lè dá dúró kó pẹ́ díẹ̀ kó tó pààrọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan, àwọn nọ́ńbà yìí mo kàn fi ṣàlàyé ni o, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀. Ká ní ẹ kúrò ní Ìwó Ròódù, ẹ kọjú sí ọ̀nà Ìfẹ̀, ọ̀nà tẹ́jú, ẹ wá tẹ iná dé 40% láìyí ẹsẹ̀ padà. Tí kò bá sí bọ́tìnì kankan, tírọ́tù lè ṣí dé bíi 40%, kí gíà sì pààrọ̀ tí RPM, ìyẹn iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan, bá dé 2,500. Lórí ECO, ẹsẹ̀ kan náà yẹn, tírọ́tù lè má ju 25% lọ, gíà á sì ti pààrọ̀ ní 1,800. Lórí SPORT ó lè ṣí dé 60%, kí gíà máa dúró de 3,500 kó tó pààrọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi dà bí ẹni pé wọ́n ti fi agbára kún ọkọ̀ tẹ́ẹ bá tẹ SPORT, ẹ́ńjìnnì kan náà ni, ó kàn tètè fún yín ní ohun tẹ́ẹ máa rí gbà tẹ́lẹ̀ tẹ́ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jìnnà sí i. Tẹ́ẹ bá tẹ iná kanlẹ̀ pátápátá, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ibì kan náà ni gbogbo wọn máa dé, àwọn kan ṣáà wà tó jẹ́ pé ECO wọn ò ní tú gbogbo agbára sílẹ̀.

Ọ̀rẹ́ yín ò parọ́ nípa ECO, ó kàn kù síbì kan ni. Ibi tí epo ti ń ṣẹ́kù ni pé ọkọ̀ ò ní fò dìde, gíà sì tètè ń gòkè kí ẹ́ńjìnnì máa yí jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ bá rí i pé ó wúwo tẹ́ẹ wá ń tẹ iná jìnnà sí i láti fi dí i, tírọ́tù á padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, gíà á tún já wálẹ̀, epo tẹ́ẹ rò pé ẹ ń ṣẹ́ ti lọ nìyẹn. Éèsì tẹ́ẹ sọ yẹn náà, nínú ọ̀pọ̀ Toyota àti Lexus ECO máa ń dín iṣẹ́ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kù, kí ẹrù tó wà lọ́rùn ẹ́ńjìnnì lè fúyẹ́. Mo ti rí àwọn tó lọ fi gáàsì éèsì kún un lórí èyí, owó ni wọ́n kàn sọnù. Ẹ pa ECO kẹ́ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan, tó bá padà tutù, gáàsì ò ní ohunkóhun ṣe.

Ohun tí mo máa ń bẹ àwọn èèyàn fún ni pé kí wọ́n má fi ECO ya ọkọ̀ mìíràn sílẹ̀ lọ́nà olójú méjì. Ẹ ti jáde tán kẹ́ẹ tó rí i pé ẹsẹ̀ tẹ́ẹ fi ń yà tẹ́lẹ̀ ò gbé ọkọ̀ lọ mọ́, tírélà sì ti ń bọ̀ níwájú. Ẹ pa á kẹ́ẹ tó yà. Iná ECO aláwọ̀ ewé tó ń tàn tó ń kú fúnra ẹ̀ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù Toyota, ìyẹn ò kí ń ṣe bọ́tìnì yìí o, ó kàn ń sọ pé ẹ ń wakọ̀ jẹ́jẹ́ ni, kò yí nǹkan kan padà.

SPORT ò lè ba gíà jẹ́ tí ọ́ìlì gíà bá dáa, àmọ́ kò wúlò nínú gó-sìló, epo lásán ló máa jẹ. Ibi tí mo ti fẹ́ràn ẹ̀ ni orí òkè, bíi ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n Alààyè, torí tẹ́ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ gíà ò ní sáré gòkè, ẹ́ńjìnnì fúnra ẹ̀ á máa di ọkọ̀ mú, bíréèkì ò sì ní gbóná jù. Tẹ́ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lórí ìrìn, ẹ kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọkọ̀ á já lọ síwájú lójijì.

SNOW ló yẹ kẹ́ẹ fetí sí. Àwọn tó ṣe é ń ro yìnyín, ohun tó ń ṣe ni pé tírọ́tù á ṣí jẹ́jẹ́, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ á sì fi gíà kejì gbéra dípò àkọ́kọ́. Nínú gíà ẹlẹ́ẹ̀mẹfà Toyota kan tí wọ́n ń pè ní U660E, gíà àkọ́kọ́ ń sọ agbára ẹ́ńjìnnì di ìlọ́po 3.3, èkejì di 1.9, ìyẹn ni pé ohun tó dé táyà fi díẹ̀ ju ìdajì lọ. Táyà tí kò rí agbára púpọ̀ ò ní tètè yí lásán. Torí ẹ̀ ó wúlò n'Íbàdàn náà, tí òjò bá rọ̀ sórí ilẹ̀ pupa tẹ́ẹ fẹ́ gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilé yín, ẹ tẹ̀ ẹ́ kẹ́ẹ tó gbéra. Ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ bá ti rì sínú ẹrẹ̀ tó jìn tàbí yanrìn, kò lè yọ yín, níbẹ̀ ẹ nílò kí táyà yí. Kò sì fi nǹkan kan kún bíréèkì, táyà tó ti pá á ṣì yọ̀. Ẹ pa á tẹ́ẹ bá ti dé orí títì, torí gíà kejì tó ń gbéra lórí ilẹ̀ gbígbẹ ń mú ọ́ìlì gíà gbóná lásán.

Tẹ́ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí i, ẹ ra sìkánà ELM327 tó ń ka ohun tó wà nínú bíréènì bọ́ọ̀sì, ẹ kì í bọ ọkọ̀, ẹ so ó mọ́ fóònù, ẹ ṣí `Accelerator Pedal Position D`, ìyẹn ibi tí ẹsẹ̀ yín dé, àti `Throttle Position`, ìyẹn bí tírọ́tù ṣe ṣí tó, pọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì máa wò ó kẹ́ẹ máa wakọ̀ lórí ọ̀nà tí kò sí èrò, ẹ fi ẹsẹ̀ kan náà ṣe ìkọ̀ọ̀kan. Méjèèjì ò ní bẹ̀rẹ̀ láti 0 tẹ́ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, bí wọ́n ṣe ṣe wọ́n nìyẹn. Tí ìyàtọ̀ àárín wọn ò bá yí padà rárá lórí bọ́tìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí gíà náà sì ń pààrọ̀ níbì kan náà, bọ́tìnì yẹn ò ṣiṣẹ́ nìyẹn, ẹ gbé e wá ká yẹ̀ ẹ́ wò.