Maṣíìnì àlòkù, ìbúra, àti ẹni tó yẹ kó mú ẹ̀rí wá

Ìbéèrè: Àsàlámù àlékùmù, Áfà. Télọ̀ ni mí ní Ìgbọ̀nà, Òṣogbo. Lóṣù tó kọjá mo ra maṣíìnì ìránṣọ àlòkù lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó máa ń tún maṣíìnì ṣe, ₦70,000, kò já rìsíìtì fún mi. Obìnrin kan ti wá báyìí, ó ní tòun ni, wọ́n jí i ni. Ó ní kí n fọwọ́ lé Kùránì kí n búra, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á pe ọlọ́pàá. Ṣé kí n búra?

Ìdáhùn: Wa aléékúmù sàláámù. Má tíì búra. Ìbúra tó ń parí ẹjọ́, adájọ́ ló ń pè é, lẹ́yìn tó bá ti béèrè ẹ̀rí tí kò rí. Ìbúra ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kò parí nǹkan kan. Orúkọ Ọlọ́run sì ni a fi ń búra. Fífi ọwọ́ lé ìwé kì í ṣe dandan rárá.

Hàdíìsì kan wà nínú ìwé hàdíìsì Múslímù, láti ẹnu Wáílì ọmọ Hújírì. Ọkùnrin ará Hadaramáòtì kan wá sọ fún Ànábì pé ará Kíńdà kan gba ilẹ̀ bàbá òun. Ará Kíńdà ní, “Ilẹ̀ mi ni, ọwọ́ mi ló wà, èmi ni mò ń dáko síbẹ̀.” Ànábì kọjú sí ẹni àkọ́kọ́: “Ṣé o ní ẹ̀rí?” Ó ní òun kò ní. “Ó dáa, ìbúra rẹ̀ ló kù fún ọ.” Ọkùnrin náà fi ariwo ta: aláìbẹ̀rù Ọlọ́run ni, kò sí ohun tí kò lè búra lé! Ànábì ní, ìyẹn nìkan náà lo ní lára rẹ̀.

Wò ó pé ẹni tí nǹkan kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ bi. Ohun tó wà lọ́wọ́ èèyàn, a kà á sí tirẹ̀ títí ẹlòmíì yóò fi fi hàn pé kì í ṣe tirẹ̀. Òfin Ẹ̀rí ti Nàìjíríà ọdún 2011 sọ ohun kan náà ní abala 143. Nítorí náà, obìnrin yẹn ni ẹrù ẹ̀rí wà lọ́rùn rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n ẹrù náà kì í dúró sójú kan. Ká ní ó mú ìwé tó fi rà á jáde, tí nọ́ńbà orí rẹ̀ bá nọ́ńbà tó wà lára maṣíìnì mu, tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sì wá jẹ́rìí. Níbi ẹjọ́ dúkìá, òṣùwọ̀n ni kọ́ọ̀tù ń wò: ẹ̀rí ta ló tẹ̀ jù. Òṣùwọ̀n ti tẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀ nìyẹn, ìwọ ló kù tí yóò dáhùn. Ní ìlànà Málíkì tí àwa Yorùbá ń tẹ̀lé, ẹlẹ́rìí méjì tó, tàbí ẹlẹ́rìí kan pẹ̀lú ìbúra òun fúnra rẹ̀, yóò sì tún búra pé òun kò tà á, òun kò fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. “Mo rà á” kò ní gbà ọ́ níbẹ̀, torí olè kò ní ohun tó lè tà. Yóò gba maṣíìnì rẹ̀, ìwọ á sì lọ gba owó rẹ lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún ọ.

Tó bá wá di ẹ̀sùn olè, ọ̀rọ̀ yí padà. Abala 36 nínú òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 kà ọ́ sí aláìṣẹ̀, ìjọba ló sì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀sùn múlẹ̀ débi tí iyèméjì tó nídìí kò fi ní kù. Abala 167 nínú Òfin Ẹ̀rí ni yóò fẹ́ bá ọ. Ó gba adájọ́ láàyè láti gbà pé ẹni tí a ká ẹrù olè mọ́ lọ́wọ́ láìpẹ́ sígbà tí wọ́n jí i, òun ló jí i, tàbí ó mọ̀ pé ẹrù olè ni kó tó gbà á, àfi tó bá lè sọ bó ṣe dé ọwọ́ òun. Òfin kò fi iye ọjọ́ sí “láìpẹ́” yẹn. Fóònù ń tọwọ́ bọ́wọ́ kíákíá. Maṣíìnì ńlá kì í sáré tó bẹ́ẹ̀, oṣù kan sì lè jẹ́ “láìpẹ́” fún un.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í gbọ́, àti àwa áfà náà. Wọ́n rò pé ìwọ ló máa wá fi hàn pé o kì í ṣe olè. Rárá o. Ìjọba gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé wọ́n jí maṣíìnì kan, àti pé èyí gan-an ni. Lẹ́yìn náà, àlàyé ni wọ́n ń bi ọ́. Tí àlàyé rẹ bá lè jẹ́ òótọ́, kódà kí adájọ́ má gbà á tán, kò gbọ́dọ̀ dá ọ lẹ́bi. Ohun tó máa ń pa èèyàn ni pé kó sọ ohun kan ní àgọ́ ọlọ́pàá, kó sọ òmíì ní kọ́ọ̀tù.

Ó ṣeé ṣe, nígbà náà, kí maṣíìnì bọ́ lọ́wọ́ rẹ kó má sì sí olè lọ́rùn rẹ.

Tí o bá fi tírásífà san owó yẹn, má pa àlẹ́ẹ̀tì náà rẹ́. Wá ọmọkùnrin tó tà á rí kó tó gbọ́ pé wàhálà wà. Kí o sì sọ fún obìnrin náà, pẹ̀lú ẹnu tútù, pé kó mú ìwé rẹ̀ wá kí ẹ jọ wo nọ́ńbà náà. Ìwọ nìkan lo mọ iye tí irú rẹ̀ ń lọ ní àlòkù, àti ohun tí ọkàn rẹ sọ fún ọ nígbà tí ọmọkùnrin yẹn ní kò sí rìsíìtì. Tí nọ́ńbà bá bára mu, gbé e fún un lójú ẹlẹ́rìí méjì, kó sì kọ ìwé pé òun ti gbà á.