Ṣé gbogbo àlàfo inú àwòrán iye owó ìpín ló máa ń dí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ní Ìkòròdú. Mo ní 5,000 ìpín nínú ilé-ìfowópamọ́ kan, wọ́n sì kéde èrè náírà 3 lórí ìpín kọ̀ọ̀kan lóṣù tó kọjá. Ní Ọjọ́bọ̀, náírà 42 ni ìpín náà parí sí. Nígbà tí ọjà ṣí ní ọjọ́ Ẹtì, 39 ni mo bá a. Ọmọ mi fi àyè òfìfo tó wà láàárín méjèèjì hàn mí lórí fóònù, ó ní kò sí irú àlàfo bẹ́ẹ̀ tí kì í dí, ìyẹn ni pé owó ìpín gbọ́dọ̀ padà sí ibi tó ti fò kúrò. Ṣé kí n fi owó àjọ mi ra sí i, kí n dúró de 42?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kan owó àjọ yẹn. Iye tí owó ìpín náà fi wálẹ̀ bá iye èrè tí wọ́n kéde mu rẹ́gí, èyí kì í sì í ṣe ohun tó ṣèèṣì. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan bá fẹ́ pín èrè, a ní ọjọ́ kan tí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àwọn onípìn-ín yóò fi lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹni tó bá ra ìpín lẹ́yìn ọjọ́ náà kò ní rí nǹkan kan gbà nínú èrè yẹn. Nítorí náà, NGX, ìyẹn ọjà ìpín Nàìjíríà, fúnra rẹ̀ ló máa ń yọ iye èrè náà kúrò nínú owó ìpín kí ọjà tó ṣí: 42 dín 3, ó ku 39. Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn ń sá fún ìpín náà.

Ẹ jẹ́ ká fi ìpín tiyín ṣe ìṣirò. Ní Ọjọ́bọ̀, 5,000 ìpín yín tó náírà 210,000. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó di 195,000. Náírà 15,000 tó yàtọ̀ ni èrè tí ó ń bọ̀ wá bá yín. Ìjọba yóò yọ owó orí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 1,500, kí 13,500 tó wọlé sínú àkáǹtì yín. Owó yín ti kúrò nínú ìpín, ó ń gba ọ̀nà mìíràn bọ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi owó àjọ ra ìpín tuntun ní 39, kò sí èrè kankan tó ń tẹ̀ lé e títí di ìgbà tí wọ́n bá tún kéde òmíràn. Ìpín náà lè padà dé 42 lóòótọ́, bí iṣẹ́ ilé-ìfowópamọ́ náà bá ń dára sí i, àmọ́ àlàfo yẹn kọ́ ni yóò fà á lọ síbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rí i dájú, ẹ wo ìròyìn ọ̀sẹ̀ tí NGX máa ń gbé jáde: ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń kọ ìpín tí wọ́n yọ èrè kúrò lára rẹ̀, iye tó parí sí àti iye tuntun rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìkànnì TradingView ni ọmọ yín fi ń wo àwòrán owó ìpín, kí ó tẹ bọ́tìnì ADJ nísàlẹ̀ àwòrán náà. Àlàfo tó bá jẹ́ ti èrè yóò pòórá tàbí kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yín kì í ṣe irọ́ pátápátá, ó kàn fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ni. Ọjà wa máa ń ti ní aago 2:30 ọ̀sán. Ìròyìn tó bá jáde lálẹ́ kò rí ibi tí yóò ti kan owó ìpín títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ibẹ̀ ni àlàfo ti ń wá. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni àlàfo lásán: kò sí ìròyìn, ìpín díẹ̀ ló yí ọwọ́, owó rẹ̀ sì ti ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ibì kan náà láti ọ̀sẹ̀ pípẹ́. Ó pọ̀ gan-an lára àwọn ìpín tí àwọn ènìyàn kì í sábà rà lọ́jà wa. Irú èyí máa ń dí láàárín ọjọ́ díẹ̀, òun ló sì bí òwe tí ọmọ yín gbọ́.

Èyí tí mo máa ń bẹ̀rù fún àwọn oníbàárà mi ni àlàfo ìjáde. Níhìn-ín, owó ìpín fò jáde kúrò nínú ààlà tí ó ti wà fún oṣù mélòó kan, ìròyìn ńlá wà nídìí rẹ̀, iye ìpín tó yí ọwọ́ lọ́jọ́ yẹn sì lè tó ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti ọjọ́ lásán. Ẹni tó bá dúró dè é kí ó dí lè dúró pẹ́. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kejì ọdún 2022, ìpín Meta, tó ni Fesibúùkù, parí sí dọ́là 323. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n gbé ìṣirò wọn jáde, ó já bọ́ sí nǹkan bí 238. Àlàfo náà dí nígbẹ̀yìn, ní oṣù Keje ọdún 2023. Ṣùgbọ́n ẹni tó rà á ní 238 nítorí àlàfo ti kọ́kọ́ rí i tí ó wálẹ̀ kọjá 90 ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022. Mélòó nínú àwọn tó fi owó àjọ rà á ni ì bá lè fara dà á fún ọdún kan àtààbọ̀?

Lọ́jà tiwa, ìpín kan kò gbọdọ̀ lọ sókè tàbí wálẹ̀ ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ lóòjọ́. Nítorí náà, ìròyìn burúkú tí ì bá ṣí àlàfo ńlá kan ṣoṣo níbòmíràn lè di kékeré mẹ́ta tó tẹ̀ lé ara wọn níbí: 100 di 90, 90 di 81, 81 di 72.90. Bí ẹ bá rí i tí ìpín kan ṣí ní ìsàlẹ̀ ààlà ọjọ́ náà, tí àwọn tó ń tà sì tò lọ rẹrẹ tí kò sí olùrà, ẹ má rò pé àlàfo kékeré ni, nítorí ọjà kò tíì ráyè sọ iye tó ní lọ́kàn.

Méjì mìíràn tún wà tí wọ́n jọ ara wọn. Ọ̀kan máa ń yọ láàárín ìrìn gígùn, nígbà tí owó ìpín ti ń lọ sókè tí kò sì tíì rẹ̀ ẹ́. Kì í sábà dí títí ìrìn yẹn yóò fi parí. Èkejì ni àlàfo àárẹ̀, tó máa ń yọ ní ìparí irú ìrìn bẹ́ẹ̀, nígbà tí àwọn tó pẹ́ dé ń sáré rà. Ó sábà máa ń dí kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Lọ́jọ́ tí wọ́n yọ, kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń fún un ní ọjọ́ mẹ́ta: bí owó ìpín bá padà wọ inú àlàfo láàárín wọn, mo kà á sí ti àárẹ̀.

Ní ti yín, ẹ fi 5,000 ìpín yín sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ sì rí i pé nọ́ńbà àkáǹtì tí èrè yóò wọ̀ tọ̀nà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ìwé àwọn onípìn-ín. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ ra sí i, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ pé ẹ ti ka ìṣirò ọdún ilé-ìfowópamọ́ náà, kí ẹ sì lo owó tí kò ní ọjọ́ tí wọ́n ń retí rẹ̀.